Kí Ohùn Ẹ̀rọ Tó Kà Á: Nọ́ḿbà, Ìkékúrú àti Orúkọ nínú Ẹ̀dà Etí

Àwọn àgbàlagbà tí à ń ṣe ìwé ìròyìn fún ní Kettering kì í jókòó kà á mọ́. Ojú ń rẹ àwọn kan, àwọn mìíràn kò sì ráyè. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, lójú ọ̀nà Central Avenue tàbí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà ńlá tó yí Washington ká. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ gbogbo àpilẹ̀kọ tí a bá tẹ̀ di ohùn, tí a sì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Ẹ̀rọ akàwé ló ń bá wa kà á, nítorí kò sí ẹni tó lè máa ka ojú ìwé mẹ́wàá sókè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àpilẹ̀kọ tí ó dùn lójú kì í fìgbà gbogbo dùn létí. Ọ̀rọ̀ lásán kì í sábà fa wàhálà. Yorùbá tí a bá fi àmì sí dáadáa, ohùn ẹ̀rọ a máa kà á débi tó yẹ. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ibi tí a kò kọ ọ̀rọ̀ sí rárá: nọ́ḿbà, ìkékúrú, àti orúkọ tí kò tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ojú máa ń dí àlàfo wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí “Dr” lẹ́yìn orúkọ òpópónà mọ̀ pé òpópónà ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀.

Mo kọ́ eléyìí lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà mi máa pààrọ̀ gbogbo “Dr” sí “Dókítà” kí n tó fi ìwé náà fún ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá náà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ni Dókítà tí ó ń jẹ́ Herrington? Ṣé ilé rẹ̀ ni a ó ti ṣe ìpàdé ni?” Herrington Drive ni mo kọ, ní ìkékúrú. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ ohunkóhun fún mi káàkiri ìwé láìjẹ́ pé mo wò ó níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan fún ojú, ìyẹn èyí tí a ó tẹ̀. Èkejì fún etí: nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nọ́ḿbà, àmì owó, tàbí ìkékúrú kan tó ṣẹ́kù. Gbogbo ohun tí ẹnu yóò sọ, lẹ́tà ni a ó fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ìkéde kan tí mo kọ fún orí ìwé yìí, kí a sì bá a rìn dé òpin.

Ìpàdé ètò ìlera: Sátidé, 6/7/2025, 10:30 a.m.–1 p.m. Herrington Dr, Upper Marlboro, MD 20774. Ẹ bọ́ kúrò lórí I-495 ní Exit 17, kí ẹ gba Rte. 202. Dr. kan láti PGCC (tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958) yóò ṣàlàyé BP tó bá kọjá 140/90. Owó oúnjẹ: $20, ọmọdé, $5. Ẹ pe 301-555-0142.

Ìlà díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣòro inú iṣẹ́ yìí ló wà níbẹ̀.

Nọ́ḿbà: ṣé iye ni àbí orúkọ?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan ni pé, ṣé ó ń ka nǹkan ni, àbí ó ń pe nǹkan lórúkọ? $20 ń ka owó. 202 kò ka ohunkóhun; orúkọ ọ̀nà ni. Bí a bá fi ìṣirò Yorùbá kà á, “igba ó lé méjì” ni. Kò sí awakọ̀ kan ní Kettering tó mọ ọ̀nà kan tó ń jẹ́ igba ó lé méjì. I-495 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín márùn-ún. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó yọ márùn-ún kúrò nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tán, ó ti kọjá ibi tó yẹ kó ti yà. Orúkọ kì í ṣe ohun tí à ń túmọ̀. Bí àwọn ará àdúgbò bá ṣe ń pè é ni kí a kọ ọ́: “tú-ò-tú”, “fọ́ọ̀-náíntì-fáìfù”, “ẹ́síìtì sẹ́fìńtíìnì”. Bí a bá ní kí a fi Yorùbá ka orúkọ ọ̀nà láti fi hàn pé a fẹ́ràn èdè wa, olùgbọ́ la fi ìyà jẹ.

Nọ́ḿbà tó ń ka nǹkan ni Yorùbá ti ní agbára rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ṣòro jù lọ fún ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé kí a kàn pààrọ̀ 5 sí márùn-ún ló parí rẹ̀. Ipò ọ̀rọ̀ náà ń yí. $5 ni “dọ́là márùn-ún”, nọ́ḿbà lẹ́yìn owó. Ṣùgbọ́n $20 ni “ogún dọ́là”, nọ́ḿbà ṣáájú owó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbọ̀n, ogójì, àádọ́ta àti igba. Bí a bá dé $25, ó tún padà sẹ́yìn: “dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n”. Ẹni tí wọ́n bí sínú èdè yìí kì í ronú kó tó ṣe é. Ẹ̀rọ tí a kò bá kọ́ kò ní ṣe é láé, a ó sì máa gbọ́ “dọ́là ogún” títí tí yóò fi sú wa.

Ọjọ́ tún wà níbẹ̀. “Ọjọ́ 7” lè jẹ́ ọjọ́ méje, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ keje. Lójú, bákan náà ni wọ́n rí. Nínú “a ó fi ọjọ́ 7 gbààwẹ̀”, méje ni. Nínú “ọjọ́ 7 oṣù yìí”, keje ni. Ìtumọ̀ gbólóhùn ló ń pinnu rẹ̀, nítorí náà ẹni tó mọ ìtumọ̀ ni kó kọ ọ́. Bákan náà ni “orí 3” inú ìwé, tí yóò jẹ́ orí kẹta, àti “orí 3” nínú òwe tàbí ìtàn, tó lè jẹ́ orí mẹ́ta gan-an.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti fi ìṣirò wa sínú ẹ̀rọ. Ní ọdún 2014, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ nọ́ḿbà di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ gidi ni, nítorí pé àfikún, àyọkúrò àti ìlọ́po ni ìṣirò wa dì pọ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó mọ bí a ṣe ń ka 495 kò tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kí a kà á bẹ́ẹ̀. Ìpinnu yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà etí.

Kí ni ká wá ṣe sí 1958? Ní Yorùbá tó pé, “ẹgbàá ó dín méjìlélógójì” ni. Ó dára, ó sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n etí ní láti di ẹgbàá mú, kó gbọ́ “ó dín”, kó wá yọ méjìlélógójì. Bí ọdún náà bá jẹ́ kókó ọ̀rọ̀, bí ọdún tí a bí ẹnìkan tí à ń sọ ìtàn rẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ ní Yorùbá, mo sì máa ń fi gbólóhùn kúkúrú sí i lẹ́yìn kí olùgbọ́ lè mí. Bí kò bá jẹ́ kókó, tí ó kàn wà nínú àkámọ́ bíi ti ìkéde wa yìí, mo yọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń lọ sí ìpàdé ètò ìlera tó nílò ọdún tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. 20774 náà ń lọ. Àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló wúlò fún.

Nọ́ḿbà fóònù kì í ṣe iye, kì í sì í ṣe orúkọ, ọ̀wọ́ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń pè é, ní ìpín mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àgbà tí mo mọ̀ níbí fi ń pe nọ́ḿbà fóònù, kódà bí wọ́n bá ń fi Yorùbá jà, nítorí náà mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é: “tíríì, ò, wáànù”. Mo sì ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ḿbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni kí ẹ sọ; láti ọdún 1997 tí 240 ti dara pọ̀ mọ́ 301 ní apá ibí yìí ti Maryland, ẹni tó bá gbọ́ méje péré kò lè pè é.

Ọ̀pá kan, ìtumọ̀ méjì

Ẹ wo ọ̀pá tó dá nọ́ḿbà sí méjì nínú ìkéde wa. Ó wà nínú 6/7/2025, ó tún wà nínú 140/90. Ní èkejì, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ni, “lórí” ni à ń pè é. Ní àkọ́kọ́, ọjọ́ ni, ọjọ́ náà sì lè pa ènìyàn lára. Ọmọ Nàìjíríà tó bá rí 6/7 yóò sọ pé ọjọ́ kẹfà oṣù keje. Ará Amẹ́ríkà yóò sọ pé ọjọ́ keje oṣù kẹfà. Oṣù kan gbáko ló wà láàárín wọn, àwa tí a ń gbé Kettering sì ń ka méjèèjì.

Ohun tó gbà wá níhìn-ín ni pé Sátidé wà nínú ìkéde náà. Mo ṣí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 2025 bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù keje bọ́ sí Sọ́ńdè. Ó ti yanjú. Bí kò bá sí orúkọ ọjọ́, mi ò ní méfò; mo máa ń pe ẹni tó kọ ọ́ ni. Orúkọ oṣù ni kí ẹ máa kọ, kì í ṣe nọ́ḿbà rẹ̀, nínú ẹ̀dà ojú pàápàá.

Ìkékúrú

Ìkékúrú kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń lọ. “BP” ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà mo fi í rọ́pò. PGCC kò ní; Prince George's Community College ní Largo ni, nítòsí wa. Mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà “kọ́lẹ́ẹ̀jì náà” ti tó. WMATA sì jẹ́ èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè bí ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n “Métírò” ni àwọn èrò ọkọ̀ ń sọ, òun náà ni mo ń kọ. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ wa fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe kọ “PG”. Ọ̀pọ̀ ará ibí ni kò fẹ́ ẹ, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ojú méjì. “Dr” ṣáájú orúkọ ènìyàn ni dókítà, lẹ́yìn orúkọ òpópónà ni òpópónà. “MD” lẹ́yìn Upper Marlboro ni Maryland, lẹ́yìn orúkọ ènìyàn ni dókítà bákan náà. Ẹ wo àdírẹ́sì wa: méjèèjì wà nínú rẹ̀, kò sì sí dókítà kan níbẹ̀. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, lẹ́tà náà kò dúró fún nǹkan kan. Harry S. Truman Drive gba àdúgbò wa kọjá. Lẹ́tà S inú orúkọ ààrẹ náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn. “Ẹ́ẹ̀sì” ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì máa lọ.

Ìkékúrú Yorùbá náà ń dá wàhálà sílẹ̀, ní ti àmì ìdánudúró tó wà lẹ́yìn wọn. “Ọ̀gb.” àti “bí àp.” ní àmì tí ètò tó ń gé ìwé sí gbólóhùn yóò rò pé òpin gbólóhùn ni. Yóò ka “Ọ̀gb”, yóò dákẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ orúkọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Bí ẹ bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí kò nídìí nínú ohùn, ẹ wá ìkékúrú níbẹ̀.

Lẹ́tà tí ohùn náà kò ní

Ohùn tí mò ń lò ni `facebook/mms-tts-yor`, èyí tí ilé-iṣẹ́ Meta gbé jáde ní ọdún 2023. Kò sí owó lórí rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ilé, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gba kí a fi ṣòwò. Inú kíka Májẹ̀mú Titun ni wọ́n ti kọ́ ọ. Èyí ṣàlàyé ìwà rẹ̀: ó mọ Jerúsálẹ́mù, kò mọ Accokeek.

Àkójọ lẹ́tà kan wà tí ohùn náà mọ̀. Lẹ́tà tí kò bá sí nínú àkójọ náà, ńṣe ni yóò fò ó, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá ní c, Accokeek yóò di “Aokeek”. Bí kò bá ní àmì nọ́ḿbà kan, “$20” lè di òfìfo pátápátá: ẹ ó gbọ́ “owó oúnjẹ” àti ìdákẹ́jẹ́. Kí ẹ tó gbàdúrà pé kó dára, ẹ bi í léèrè:

```
from transformers import AutoTokenizer
import unicodedata
t = AutoTokenizer.from_pretrained("facebook/mms-tts-yor")
s = open("eti.txt", encoding="utf-8").read().lower()
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
open("eti.txt", "w", encoding="utf-8").write(s)
print(set(s) - set(t.get_vocab()))
```

Gbogbo ohun tó bá tẹ̀ jáde ni ohùn náà yóò fò nínú fáìlì `eti.txt`. Bí nọ́ḿbà bá wà níbẹ̀, ẹ̀dà etí yín kò tíì parí. Bí ó bá jẹ́ kọ́mà àti àmì ìdánudúró, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò ní sinmi níbi tí ẹ fẹ́. Ẹ gé ìwé náà sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ìdákẹ́jẹ́ so wọ́n pọ̀.

Ìlà tó ní `NFC` ṣe pàtàkì fún Yorùbá jù fún ọ̀pọ̀ èdè lọ. Kọ̀ǹpútà lè kọ lẹ́tà ọ ní ọ̀nà méjì: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan tó ní àmì nísàlẹ̀, tàbí gẹ́gẹ́ bí o lásán pẹ̀lú àmì tó dá dúró. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Bí ohùn bá mọ èkíní, tí ìwé yín sì wá ní èkejì, yóò ka o, yóò sì ju àmì ìsàlẹ̀ nù. Ọkọ̀ yóò wá máa dún bí okò. Ìlà yẹn ń kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà kan. Àmì ohùn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: igba, ìgbà àti igbá kò jọra, ẹ̀rọ kò sì lè mọ èyí tí ẹ ń sọ bí ẹ bá kọ gbogbo wọn ní “igba”.

Ohùn kan wà tó ń gba àmì SSML, irú bíi:

```
<sub alias="Dókítà">Dr.</sub> <break time="600ms"/>
```

Àmì yìí dára fún ohùn tó bá mọ̀ ọ́n. Èyí tí mò ń lò kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà inú àmì náà ni yóò máa kà sókè bí ọ̀rọ̀.

Orúkọ

Orúkọ àjèjì, ẹ kọ ọ́ bí Yorùbá yóò ṣe pè é. Bowie, ìlú tó wà lókè wa, ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní “Búì”, kì í ṣe bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé yóò ṣì í pè. Kettering, mo ń kọ ọ́ ní “Kẹ́tẹ̀rìn”. Ẹ rántí pé p Yorùbá kì í ṣe p Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà Upper yóò dún bí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kò burú, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń pè é.

Orúkọ tiwa gan-an ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù. Ní Amẹ́ríkà níbí, orúkọ wa máa ń dé láìní àmì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó wà lórí káàdì ìdánimọ̀. “Sola” tí ẹ bá fi fún ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní di Ṣọlá. Mo máa ń wo YorubaName.com, àkójọ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, láti rí àmì orúkọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orúkọ òkú nínú ìkéde ìsìnkú, mo máa ń pe àwọn ọmọ, mo sì ń ní kí wọ́n pè é sí mi létí.

Bí ìkéde náà ṣe rí níkẹyìn

Ìpàdé ètò ìlera wa yóò wáyé ní Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kẹfà. A ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. A ó parí ní agogo kan ọ̀sán. Òpópónà Hẹ́rińtọ̀n ni, ní Ọ́pà Málúbórò. Bí ẹ bá wà lórí fọ́ọ̀-náíntì-fáìfù, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ẹ́síìtì sẹ́fìńtíìnì, kí ẹ gba tú-ò-tú. Dókítà kan láti Pírínsì Jọ́ọ̀jìsì Kọmúnítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lágò yóò bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Yóò ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí bí nọ́ọ̀sì bá ní ẹ̀jẹ̀ yín ti kọjá wán-fọ́tì lórí náíntì. Ogún dọ́là ni owó oúnjẹ. Dọ́là márùn-ún ni ti ọmọdé. Nọ́ḿbà tí ẹ ó pè nìyí, a ó sì tún un sọ. Tíríì, ò, wáànù. Fáìfù, fáìfù, fáìfù. Ò, wáànù, fọ́ọ̀, tú. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tíríì, ò, wáànù. Fáìfù, fáìfù, fáìfù. Ò, wáànù, fọ́ọ̀, tú.

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí mo tilẹ̀ yọ nǹkan díẹ̀ kúrò. Gbólóhùn kúkúrú ló pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí etí kò lè padà sẹ́yìn bí ojú. Wán-fọ́tì ni mo fi sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì dípò ogóje, torí pé bí nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ ọ́ sí wọn ní ilé ìwòsàn nìyẹn, orúkọ ni ó sì ti dà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́ ọ tán, láìwo ìwé. Bí ẹ bá ń wo ìwé bí ẹ ti ń gbọ́, ojú yóò máa tún àṣìṣe ṣe fún etí. Ẹ fi kálámù kọ ọjọ́, àkókò, ọ̀nà àti nọ́ḿbà fóònù tí ẹ gbọ́, kí ẹ wá fi wé ẹ̀dà ojú. Gbólóhùn tó bá dún ṣákálá, ẹ ní kí ẹ̀rọ tún un kà. Ohùn irú èyí kì í ka nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì tàbí ẹ̀kẹta sì lè dára. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ yí, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi ohùn kankan ránṣẹ́, ẹ fún àgbà kan gbọ́, kí ẹ sì ní kó sọ ọjọ́ àti ọ̀nà náà padà fún yín.